Gbèdéke Ibùsùn: Ìtọ́jú Àìróorunsùn Láàárín Ìjókòó Mẹ́jọ

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí ẹ ń tọ́jú àwọn ènìyàn wa ní Abuja àti káàkiri òkè Ọya, mo kí yín. Ohun tí mo wá ṣe lónìí ni láti to ìtọ́jú àìróorunsùn tó ti di bárakú kalẹ̀ níwájú yín, irú èyí tí a ń fi àtúnṣe èrò àti ìṣe aláìsàn ṣe, láti ìjókòó kìíní títí dé ìkẹjọ. N kò ní fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní àyè kan náà, nítorí wọn kò wúwo bákan náà. Ìjókòó kejì ni òpó tó gbé ilé yìí ró. Ibẹ̀ ni a ti ń dín àkókò tí aláìsàn ń lò lórí ibùsùn kù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣojo. Mo ti rí i léraléra tí oníṣègùn kọ ìmọ̀ràn nípa tíì, fóònù àti yàrá tútù sórí ìwé, tó fi í lé aláìsàn lọ́wọ́, tó sì gbà pé òun ti ṣe ìtọ́jú náà tán. Ìmọ̀ràn yẹn nìkan kì í wo àìróorunsùn tó ti ta gbòǹgbò. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé odidi ìtọ́jú yìí ni kí a kọ́kọ́ fi lọ àgbàlagbà tí àìróorunsùn bá ti di bárakú fún, kí a tó mẹ́nu ba oògùn. Ìmọ̀ràn orí ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Arthur Spielman, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìtọ́jú yìí lélẹ̀ ní ọdún 1987, kọ́ wa pé ohun mẹ́ta ni kí a máa wá nínú ìtàn aláìsàn. Èkíní ni ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí oorun rẹ̀ fi máa ń tètè fò. Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ tó dá àìsùn sílẹ̀, bí ọ̀fọ̀, tàbí bí ìjọba ṣe gbé òṣìṣẹ́ láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti fi wá oorun rẹ̀ padà. Ẹ̀kẹta yìí ni a ń tọ́jú, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí àìsùn lọ nígbà tí ọ̀fọ̀ náà bá ti di ohun àtijọ́. Ẹni tí kò sùn lánàá yóò tètè wọlé sùn lónìí, yóò pẹ́ lórí ibùsùn láàárọ̀, yóò sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án bí àyè bá wà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bu omi lu ọbẹ̀ tó kéré kí ó lè kárí. Ọbẹ̀ náà kò pọ̀ sí i, ó kàn ṣàn ni. Oorun wákàtí márùn-ún tí a tẹ́ sórí wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ yóò ṣàn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Yóò já sí wẹ́wẹ́, ibùsùn fúnra rẹ̀ yóò sì di ibi tí ara ti mọ̀ pé wọ́n ń là jú sí.

Ìjókòó kìíní jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A kò ní fún aláìsàn ní òfin kankan ní ọjọ́ náà. A ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àìróorunsùn ni lóòótọ́: ó kéré tán òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń dí i lọ́wọ́ ní ojúmọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àyè tó láti sùn. Ẹ má ṣe fojú fo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Mararaba, tó ń jáde nílé ní aago 4:30 ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó mú un ní Nyanya, tí kò sì wọlé kí aago 9 alẹ́ tó lù, lè máa sùn wákàtí márùn-ún péré. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ṣe gbé orí lé ìrọ̀rí ni oorun ń gbé e lọ, àìráyèsùn ló ń ṣe é. Bí a bá dín àkókò ibùsùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kù, a kàn pa á lára ni.

A tún gbọ́dọ̀ fetí sí èdè tí aláìsàn ń sọ. Ẹni tó ní «mi ò fojú ba oorun rárá láti oṣù tó kọjá» kì í purọ́, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè fi hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé ó ń sùn tó wákàtí mẹ́rin. Bákan náà ni kí a bi í léèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni àbí oorun ń kùn ún. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìtọ́jú yìí sì nílò ìyàtọ̀ náà. Aláìróorunsùn máa ń rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ó bá dùbúlẹ̀, oorun kì í gbé e. Ẹni tí oorun ń kùn níbi gbogbo, tó ń tòògbé níbi ìpàdé àti nínú mọ́tò, tó ń hanrun kíkankíkan, tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ sì sọ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, àyẹ̀wò mìíràn ni kí a kọ́kọ́ ṣe fún un.

Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dín àkókò ibùsùn wọn kù bí a bá ṣe ń ṣe fún àwọn yòókù. Ẹni tó ní wárápá wà lára wọn, nítorí àìsùn lè mú gìrì dé. Ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ tí ara rẹ̀ máa ń yá gágá kọjá ààlà tún wà níbẹ̀, nítorí òru díẹ̀ tí kò sùn dáadáa lè gbé àìsàn náà dìde. Bákan náà ni awakọ̀ tírélà, ọlọ́kadà, àti ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ tó lè gé ni lọ́wọ́. Fún àwọn wọ̀nyí, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fà á, ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra ńlá.

Kí ìjókòó kìíní tó parí, aláìsàn yóò dáhùn ìbéèrè méje tí Charles Morin ṣe àkójọ wọn, tí máàkì wọn ń lọ láti 0 dé 28. Bí ó bá tó 15, àìsùn náà ti le díẹ̀, bí ó bá sì ti di 22, ó ti le gan-an. Lẹ́yìn náà ni a ó fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ oorun tí yóò máa kọ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: ìgbà tó gun ibùsùn, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá oorun, bí ó ti pẹ́ tó kí oorun tó gbé e, iye àkókò tó fi la ojú láàárín òru, ìgbà tó jí pátápátá àti ìgbà tó dìde. Kí a tẹnu mọ́ ọn pé àárọ̀ ni yóò kọ ọ́, yóò sì fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Bí ó bá ń wo aago ní gbogbo òru kí àkọsílẹ̀ lè pé pérépéré, ìwé wa fúnra rẹ̀ ti ń lé oorun rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú aláìsàn kan wá sáàárín wa, ẹni tí mo fi ìtàn àwọn mélòó kan ṣọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Màá pè é ní Ìyá Ràṣídì. Ọmọ ọdún 46 ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ń gbé ní Kubwa pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Àìsùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ọ̀fà, ó sì ti pé ọdún méjì. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 19. Kò ní wárápá, kì í hanrun, kò sì lo oògùn oorun. Aago 9 alẹ́ ló ń gun ibùsùn, aago 5:30 ìdájí ló ń dìde. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 510 lórí ibùsùn. Nínú òru méje tó kọ sílẹ̀, ó sùn ìṣẹ́jú 310, 290, 345, 300, 360, 285 àti 350. Bí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a sì pín wọn sí méje, ó jẹ́ 320, wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú. A ó wá pín oorun náà pẹ̀lú àkókò ibùsùn:

```
320 ÷ 510 × 100 = 63
```

Nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó fi dùbúlẹ̀, 63 péré ló fi sùn. Iye yìí ni màá máa pè ní ìdá oorun.

Ní ìjókòó kejì, òun àtèmi jọ ka ìwé náà. Mo ṣe ìṣirò yìí níwájú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, nítorí iye tí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ rò kì í ṣòro fún un láti gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé òǹgbẹ oorun. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni òǹgbẹ yìí ti ń gbẹ wá, bí a bá sì ṣe pẹ́ lójúfò tó ni yóò ṣe pọ̀ tó ní alẹ́. Ẹni tó wọ ibùsùn ní aago 9 láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún dà bí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ nígbà tí ebi kò tíì pa á. Gbèdéke ibùsùn tí a fẹ́ fún un yóò bá iye oorun tó ń rí sùn báyìí mu, kí òǹgbẹ lè pọ̀, kí oorun rẹ̀ sì lè ki.

Ìgbà ìdìde ni a kọ́kọ́ ń mú, kì í ṣe ìgbà ìsùn. Ìyá Ràṣídì jẹ́ Mùsùlùmí, ládàánì sì ń pe ìrun Àsùbáà ní ìtòsí ilé rẹ̀ ní nǹkan bí aago 5. Mi ò rò pé ohun kan wà tó dára ju ìyẹn lọ láti fi de agogo inú ara mọ́lẹ̀: ojoojúmọ́ ni, kò mọ ọjọ́ Sátidé tàbí Sunday, iṣẹ́ ọlá sì ni fún ẹni náà láti dìde sí i. A mú aago 5 gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìdìde. Láti ibẹ̀ la ti ka àkókò padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 320 la sún sókè díẹ̀ sí 330, ìyẹn wákàtí márùn-ún ààbọ̀, kí ìṣirò lè rọrùn. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ gun ibùsùn kí aago 11:30 alẹ́ tó lù. Ẹ rántí pé a kì í sọ gbèdéke náà kéré sí wákàtí márùn-ún, bí àkọsílẹ̀ aláìsàn tilẹ̀ sọ pé wákàtí mẹ́ta ló ń sùn.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní: «Dókítà, mo wá torí pé n kò rí oorun sùn, ẹ wá ní kí n dín in kù?» Mo dá a lóhùn pé: «Ìyá Ràṣídì, a ò fẹ́ fọwọ́ kan oorun yín. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ fi ń dùbúlẹ̀ láìsùn la fẹ́ gbà kúrò. Tí oorun bá ti ki tán, a ó dá àkókò náà padà fún yín díẹ̀díẹ̀.» Mo tún sọ fún un láìfi bò pé ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì yóò le, pé oorun yóò máa kùn ún lọ́sàn-án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn tó wà ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí kì í jí pépé bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà òtítọ́ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́. A jọ fi ẹnu kò pé ọkọ rẹ̀ ni yóò máa wa mọ́tò lójú ọ̀nà Kubwa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láìṣe ètò yìí, a ti fi ẹ̀mí ènìyàn wéwu.

Pẹ̀lú gbèdéke náà ni òfin ibùsùn ń rìn, èyí tí Richard Bootzin kọ́ wa láti ọdún 1972. Ibùsùn wà fún oorun àti fún ìbálòpọ̀ lọ́kọláya nìkan. Bí aago 11:30 bá lù tí oorun kò kùn ún, kí ó ṣì dúró. Bí ó bá dùbúlẹ̀ tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láìsùn, kí ó dìde, kí ó kúrò nínú yàrá, kí ó má sì padà àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ń pa dé. Ogún ìṣẹ́jú yẹn jẹ́ ìfojúdíwọ̀n. Bí ó bá ti ń bínú sí ìrọ̀rí, ó ti tó. Kò sí oorun ọ̀sán.

Ibi tí òfin yìí ti ń bàjẹ́ ni pé a kì í bi aláìsàn pé ibo gan-an ni yóò lọ. Ní Kubwa, pálọ̀ wà, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ń sùn níbẹ̀. A fi àga oníke kan sí ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lú iná alágbèéká kékeré tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọkàn tán iná ìjọba ní aago 2 òru. Fún ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, àga ní kọ̀rọ̀ yàrá náà yóò ṣe é, bí ó bá ṣáà ti kúrò lórí ibùsùn. Ó bi mí bóyá òun lè máa fi tẹ̀súbà ṣe ìrántí Ọlọ́run lórí àga náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ ìrántí jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń tu ọkàn lára. Mi ò gba ẹni tó ń fi ohùn líle gbàdúrà ìjà tàbí tó ń gbọ́ wàásù lórí fóònù níyànjú ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, nítorí ara rẹ̀ yóò tún jí. Àdúrà náà kò burú, àsìkò rẹ̀ ni kò bọ́ sí i.

Ìjókòó kẹta ni ó ń fi hàn bóyá ìtọ́jú yìí yóò dúró. Nínú ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìyá Ràṣídì sùn ìṣẹ́jú 295 lápapọ̀ òru kọ̀ọ̀kan, nínú 330. Oorun rẹ̀ ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, ìdá oorun rẹ̀ sì ti gòkè láti 63 dé 89. Òun rí èyí tó dín kù, èmi rí èyí tó gòkè, iṣẹ́ mi ní ọjọ́ náà sì ni kí n jẹ́ kí ó rí bí oorun náà ti ki tó: dípò wákàtí kan tó fi ń wá oorun kí ó tó sùn, ìṣẹ́jú 15 ni báyìí. Ìlànà ìyípadà tí mo ń lò kò nira. Bí ìdá oorun ọ̀sẹ̀ kan bá tó 90, a fi ìṣẹ́jú 15 kún gbèdéke. Bí ó bá wà láàárín 85 àti 89, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tó 85, a yọ ìṣẹ́jú 15. Fún arúgbó, mo máa ń rọ̀ ọ́ sí 85 àti 80. Ìdá 89 kò tó 90, nítorí náà a kò fi nǹkan kún un. Ó bẹ̀ mí, mi ò gbà. Oníṣègùn tí àánú bá mú kó fi ààbọ̀ wákàtí kún un ní ọ̀sẹ̀ kìíní ti tún bu omi lu ọbẹ̀ náà.

Ohun kan wà nínú ìwé rẹ̀ tó dà mí láàmú. Ní òru Thursday, ó gun ibùsùn ní 11:30, ó sì fi àádọ́ta ìṣẹ́jú wá oorun, nígbà tí òru yòókù kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bí òǹgbẹ oorun ti pọ̀ lára rẹ̀ tó nì, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í ohun tó ṣe láàárín aago 9 sí 11:30. Ó ní òun ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá a wá ló rẹ́rìn-ín pé: «Màámi, ṣé orí àga kọ́ lẹ ti ń sùn nígbà tí mo wá pè yín?» Oorun orí àga yìí kì í wọ inú àkọsílẹ̀, nítorí aláìsàn kò kà á sí oorun. Ibi tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn: gbèdéke kúrú, síbẹ̀ oorun pẹ́ kó tó dé. A yí àṣálẹ́ rẹ̀ padà. Aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tó máa ń lọ̀ láàárọ̀ ni ó ń lọ̀ ní aago 10 alẹ́ báyìí, lórí ìdúró.

Ìjókòó kẹrin kò gùn. Oorun rẹ̀ dé 308 nínú 330, ìdá rẹ̀ jẹ́ 93, a sì fún un ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́: aago 11:15. Ibí yìí ni mo ti wá sọ̀rọ̀ ohun jíjẹ, ohun mímu àti yàrá, nígbà tí òun náà ti mọ̀ pé wọn kì í ṣe orí ìtọ́jú náà. Obì ni mo dúró lé jù, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní goro, nítorí ẹni tó ní òun kì í mu kọfí lè máa jẹ ẹ́ títí di alẹ́ níbi iṣẹ́ àti níbi ìkíni. Èròjà tó ń la ojú tó wà nínú kọfí wà nínú obì pẹ̀lú, ara sì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láti yọ ìdajì rẹ̀ dànù. Ọ̀sán ni kó ti fi mọ.

Ní ìjókòó karùn-ún, oorun rẹ̀ jẹ́ 322 nínú 345, ìdá rẹ̀ tún jẹ́ 93, a sì sún ìgbà ìsùn wá sí aago 11. Ìjókòó yìí ni mo ya sọ́tọ̀ fún èrò. Ìdí tí mo fi dá a dúró títí di ìgbà yìí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí oorun tó ki á gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì sùn yóò rò pé à ń bá òun jiyàn ni. Èrò tó wúwo jù lọ́kàn Ìyá Ràṣídì ni pé aago 3 òru gan-an ni òun máa ń jí, àkókò tí àwọn ayé ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Mi ò bá a jiyàn bóyá ayé wà tàbí kò sí, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ mi, màá sì pàdánù rẹ̀. Mo bi í pé: «Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé aago 3 ni?» Ó ní òun máa ń wo fóònù tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo ṣàlàyé fún un pé oorun máa ń wá ní ìpele, ìpele kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, àti pé oorun àsùnwọra pọ̀ jù ní ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ òru. Bí aago 3 bá fi lù, òǹgbẹ oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oorun ti fẹ́lẹ́, gbogbo ènìyàn ló sì ń là jú fìrí ní àkókò yẹn kí wọ́n tó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé ó ń wo fóònù, ó rí 3, ẹ̀rù bà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí tó kù. A fi í dánwò. Fún ọ̀sẹ̀ kan, fóònù yóò wà ní yàrá àwọn ọmọ, ọkọ rẹ̀ ni yóò máa jí i bí kò bá gbọ́ ládàánì. Bí ó bá là jú, kò ní mọ aago tó lù. Àdúrà ìdáàbòbò rẹ̀ yóò ṣe é kí ó tó gun ibùsùn, kò sì ní máa fi wá oorun lórí ìrọ̀rí. Nígbà tó padà wá, ó ní òun jí ní òru mẹ́ta, òun kò mọ ìgbà tó jẹ́, òun sì tún sùn. Ẹ kíyè sí i pé a kò gba ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago la gbà.

Ọ̀rọ̀ ogun òru yàtọ̀ sí èyí. Bí ẹbí bá ròyìn pé ẹni náà ń pariwo, ń ta ẹsẹ̀, ń rìn kiri lójú oorun, tàbí pé ó bu ahọ́n jẹ, kí a dá ìtọ́jú yìí dúró, kí a sì wá wárápá òru àti àwọn àìsàn ojú oorun mìíràn.

Ìjókòó kẹfà wá pẹ̀lú ìṣòro tí gbogbo wa yóò pàdé níbí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ní ilé méjì. Ìyá Ràṣídì lọ sí ìnáwó ní Ọ̀fà. Òru méjì ló lò níbẹ̀, ó sùn ìṣẹ́jú 230 ní ọ̀kan àti 220 ní èkejì. Bí a bá pín oorun ọ̀sẹ̀ náà sí méje, ó jẹ́ 300 nínú 360, ìdá rẹ̀ sì jẹ́ 83. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà gbọnrangandan, a ó yọ ìṣẹ́jú 15. Bí a bá yọ òru ìrìnàjò kúrò, òru márùn-ún tó kù jẹ́ 330, ìdá rẹ̀ jẹ́ 92, èyí tí yóò ní kí a fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Èmi kò yọ, mi ò sì fi kún un. Òru méjì tó sọnù yẹn ti mú òǹgbẹ oorun pọ̀, nítorí náà òru tó tẹ̀lé wọn yóò dára ju bó ti yẹ lọ, a kò sì lè fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. A fi gbèdéke sílẹ̀ ní aago 11 sí 5 fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọ̀sẹ̀ náà fún wa lésì. Ní ìjókòó keje, oorun jẹ́ 335 nínú 360, ìdá 93, a sì sún ìsùn wá sí 10:45. Fún aláìsàn tó ń lo daisẹpáàmù tàbí bromasẹpáàmù, ibí yìí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ àti dín in kù. Láti ìjókòó kìíní títí di ìgbà yìí, kí iye oògùn rẹ̀ dúró sí ojú kan, ní àkókò kan náà lálẹ́, kí a lè mọ ohun tí gbèdéke ń ṣe àti ohun tí oògùn ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó kọ ọ́ yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ púpọ̀. A kì í dá a dúró lójijì lára ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, nítorí gìrì lè mú un.

Ní ìjókòó kẹjọ, oorun jẹ́ 345 nínú 375, ìdá 92, ìgbà ìsùn sì di 10:30. Máàkì Morin rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ láti 19 sí 9. Kì í ṣe pé ó parẹ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ tó bá tó 8 ti jọjú. Ìgbà tí a ó dá fífi ìṣẹ́jú kún un dúró ni ìgbà tí ọ̀sán aláìsàn bá ti dára tó, tàbí tí ìṣẹ́jú tí a fi kún un bá di àkókò ìlajú dípò oorun. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tí yóò ṣe bí àìsùn bá padà. Ó kọ ọ́ pé òru kan tàbí méjì tí kò dára kò ní mú òun tètè wọlé sùn, ṣùgbọ́n bí ó bá di òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò mú ìwé àkọsílẹ̀ jáde, òun yóò padà sí aago 11 sí 5, òun yóò sì tún máa fi ìṣẹ́jú 15 kún un bí a ti jọ ṣe é.

Ràmàdáánì ku oṣù méjì nígbà náà, ó sì bi mí léèrè nípa sààrì. A fi ẹnu kò pé ìgbà ìdìde rẹ̀ yóò di ìgbà sààrì fún gbogbo oṣù náà, kò ní padà sórí ibùsùn lẹ́yìn Àsùbáà, yóò sì lọ sùn ní kété tó bá dé láti ibi ìrun àṣámù, bí oorun bá ti ń kùn ún. Mo gbà á láàyè láti fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kó sì jẹ́ kí aago 3 tó lù. Ọjọ́ kejì Ìtùnú Àwẹ̀ ni yóò padà sí 10:30 sí 5. Ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé, ó fi í sínú àpò rẹ̀.